Owó Ta Ni Ẹ Fẹ́ Fi Ṣe Dílà?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ ní Ìbàdàn, tí mo wá tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ooru. Fáànù mẹ́fà ni mo kà lókè yìí, méjì péré ló ń yí, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Nígbà tí àbúrò tó pè mí wá bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní ọ̀pọ̀ nínú yín ló fẹ́ di tírédà. Mo ní, "Irú tírédà wo?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tún nírú ni?" Ó nírú o. Obìnrin tó jókòó sí yàrá dílà báńkì kan ní Marina, ọmọ Holland tó ń ta ọ́púṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan tàbí tà á lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti dá, ní Amsterdam, àti ọmọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní Àpáta ní aago méjì òru tó ń wo àtẹ góòlù lórí fóònù, tírédà ni gbogbo wọn ń pe ara wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lé e.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi yà wọ́n sọ́tọ̀: owó ta lo fi ń tajà, ta ló sì ń jèrè nígbà tí o bá pàdánù? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ ohun tí wọ́n máa wò lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti báńkì, torí ibẹ̀ ni mo ti jẹun fún ọdún tó pọ̀.

Owó báńkì ni dílà báńkì ń lò, àmọ́ oníbàárà ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un. Ká ṣebí oníkòkó kan gba 200,000 dọ́là láti òkè òkun, ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí náírà. Dílà rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1,498. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀rọ ìlọ̀yẹ̀fun wọlé wá béèrè 200,000 dọ́là, dílà tà á fún un ní 1,502. Náírà mẹ́rin lórí dọ́là kan, 800,000 náírà nìyẹn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín wọn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni oníkòkó dé, aago méjì ọ̀sán ni oníyẹ̀fun dé. Odindi wákàtí mẹ́rin ni dọ́là náà fi wà lọ́rùn dílà. Bí ọjà bá ṣubú láàárín kan, tí oníyẹ̀fun wá bá a ní 1,494, 800,000 kan náà ló ti lọ yẹn, àdánù ni báyìí.

Ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń fún dílà ní òdiwọ̀n mẹ́ta: iye dọ́là tó lè gbé lọ́sàn-án, iye tó lè gbé sùn, àti iye àdánù tó bá ti dé tí ó gbọ́dọ̀ pa gbogbo rẹ̀ dé láì jiyàn. Òdiwọ̀n àkọ́kọ́ máa ń tóbi, ti òru máa ń kéré gan-an. Ohun tí báńkì ń wá lára yín wá yé yín báyìí. Kì í ṣe ẹni tó lè sọ ibi tí dọ́là máa wà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó lè sọ iye méjì, èyí tó ń rà àti èyí tó ń tà, láìwolẹ̀, tó mọ̀ pé owó tí òun gbé kì í ṣe tòun, tó sì lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà pé òun ti ṣì í ṣe.

Báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀ ní Nàìjíríà? Kò sẹ́ni tó ń jáde ní yunifásítì lónìí tó bọ́ sí yàrá dílà lọ́la. Ẹ máa sin ìjọba, ẹ máa ṣe ìdánwò ìṣirò àti òye tí àwọn báńkì ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ẹ gbọ́dọ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ti òkè, ọ̀pọ̀ ìpolówó sì máa ń sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ báńkì, wọ́n á fi yín sí ẹ̀ka. Mo ka owó fún àwọn èèyàn ní káńtà ní Mushin fún ọdún méjì gbáko. Ibi tí ọ̀nà ti ṣí fún mi ni ọ́fíìsì ẹ̀yìn tírẹ́ṣọ̀rì, ẹ̀ka tó ń bójú tó owó báńkì fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí sí ohun tí dílà ti rà tó sì ti tà, tí wọ́n ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ lórí SWIFT, ẹ̀rọ tí àwọn báńkì àgbáyé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rí i pé owó dé ibi tó yẹ. Iṣẹ́ náà kò dùn. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń rí gbogbo òwò tí àwọn dílà ṣe, pẹ̀lú àṣìṣe wọn. Bí ẹ bá ti wọ báńkì, ibẹ̀ ni kí ẹ tọrọ, tàbí ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ewu ọjà.

Nígbà tí ààyè kan ṣí ní yàrá dílà, àwa mẹ́ta la jókòó níwájú ọ̀gá. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ó ní, "Ìwé gbèsè ìjọba ọlọ́jọ́ 364, wọ́n tà á ní 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Èló ni oníbàárà jẹ gan-an?" Ẹni àkọ́kọ́ ní 18. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣe é. 18 yẹn, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò lára 100 náírà ṣáájú ni. Wọn kò fi kún un lẹ́yìn. Fún ọjọ́ 364 nínú 365, ohun tí wọ́n yọ jẹ́ 17.95. Oníbàárà san 82.05, ó máa gba 100. Ó jèrè 17.95 lórí 82.05, kì í ṣe lórí 100. Tí ẹ bá pín in, tí ẹ sì sọ ọ́ di ti ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21.94. Àlàfo tó wà láàárín 18 àti 21.94 yẹn, ibẹ̀ ni dílà ìwé gbèsè ti ń jẹun, torí ẹnìkan máa wá tó rò pé 18 lòun ń tà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Báńkì Àpapọ̀ máa ń ta ìwé yìí, ti ọjọ́ 91, ti 182, ti 364, nítorí náà ẹ ní ohun tí ẹ lè fi kọ́ ara yín láìná kọ́bọ̀.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta mẹ́wàá fún yín. Fún yàrá dílà báńkì, èyí tó bá iṣẹ́ mu jù ni ACI Dealing Certificate, ti ẹgbẹ́ àwọn dílà àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1955. Ó máa kọ́ yín ní dọ́là ti òní, dọ́là ti ọjọ́ iwájú, owó yíyá láàárín báńkì, àti ìwà ọmọlúwàbí ọjà. Ti ìwà yẹn kì í ṣe eré: ní January 2025 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé òfin ìwà títa owó òkèèrè jáde fún Nàìjíríà, tí àwọn báńkì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti December 2024 ni títa dọ́là láàárín báńkì ti bọ́ sórí ẹ̀rọ Bloomberg tó ń so olùtà mọ́ olùrà, nítorí náà ẹni tó ń ṣe màgòmágó ti ní ẹni tó ń wò ó. CIBN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà, wà fún ẹni tó fẹ́ gòkè nínú iṣẹ́ báńkì lápapọ̀. Tí ó bá jẹ́ ṣíà lẹ fẹ́ máa tà fún oníbàárà nílé-iṣẹ́ alágbàtà, ìdánwò CIS, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ṣíà, ni tiyín, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, sì gbọ́dọ̀ forúkọ yín sílẹ̀. CFA, ìwé ẹ̀rí àwọn aṣàyẹ̀wò ìdókòwò, dára, ìpele mẹ́ta ló ní, àmọ́ ó wúlò fún ẹni tó ń ṣèwádìí ilé-iṣẹ́ tàbí tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ju dílà lọ. Mo mọ dílà tó gbayì tí kò ní CFA, mo sì mọ ẹni tó ní in tí kò lè sọ iye méjì láìlàágùn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà báńkì yàtọ̀ díẹ̀, mo sì máa yára kọjá níbẹ̀. Iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń gba ọmọ tó wà ní ọdún tó ṣáájú àṣekágbá, fọ́ọ̀mù máa ń ṣí ní nǹkan bí August sí September ọdún tó ṣáájú, wọ́n sì ń mú èèyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó lọ ṣe másítà ọlọ́dún kan níbẹ̀ máa ń pẹ́ jù: nígbà tí wọ́n bá fi rí ilé gbé tán, ọ̀pọ̀ àyè ti kún. Kò sí ìdánwò kan pàtó tí ìjọba fi dandan lé fún ẹni tó ń bá báńkì ẹgbẹ́ rẹ̀ tajà. Báńkì fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí lọ́dọọdún pé ìwọ yẹ fún iṣẹ́ náà, pé ìwọ sì ṣe é fọkàn tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi fún yín, ká tó kúrò ní báńkì. Ní 2012 ni, dọ́là wà ní nǹkan bí 157. Láàárín àwọn dílà, ẹni tó bá ń rà á kígbe pé "tèmi", ẹni tó bá ń tà á ní "tìrẹ", lédè Gẹ̀ẹ́sì. Oníbàárà wa kan ń fẹ́ 250,000 dọ́là, mo sì fẹ́ rà á. Dílà báńkì kejì ní òun ń rà ní 157.10, òun ń tà ní 157.20. Mo la ẹnu, mo ní "tìrẹ". Mo ti ta ohun tí mo fẹ́ rà. Nígbà tí ó fi yé mi, ọjà ti di 157.35. Báyìí mo nílò 500,000: ìdajì láti dí ihò tí mo gbẹ́, ìdajì fún oníbàárà. Kọ́bọ̀ 25 ni mo pàdánù lórí 250,000 tí mo tà, 62,500 náírà nìyẹn. Kọ́bọ̀ 15 ni mo fi lé owó oníbàárà, 37,500. Ó jẹ́ 100,000 náírà, nínú ìṣẹ́jú tí kò tó mẹ́rin.

Mo dìde, mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó béèrè bóyá mo ti pa á dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n padà síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló tó sọ fún mi pé tí òun bá fúnra òun rí i, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá ti padà sí Mushin.

Ẹ máa rò pé ọ̀gá yẹn le jù. Ẹ wo ọmọ Ghana kan, Kweku Adoboli, tó wà ní UBS ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ́fíìsì ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi, kó tó dé ìdí òwò. Nítorí ó mọ bí ọ́fíìsì ẹ̀yìn ṣe ń ṣàyẹ̀wò, ó mọ irú òwò tí wọn kì í tètè béèrè ẹ̀rí rẹ̀, irú òwò àfọwọ́dá bẹ́ẹ̀ ló sì fi bo ewu tó gbé. Nígbà tó tú ní September 2011, báńkì ti pàdánù nǹkan bí 2.3 bílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje ní 2012. Nick Leeson tó wó báńkì Barings ní 1995, Jérôme Kerviel ti Société Générale ní 2008, àwọn náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kí wọ́n tó bọ́ síwájú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gba ọ̀nà tí mo júwe, ẹ má bínú bí ọ̀gá bá ń wo ọwọ́ yín ju ti ẹlòmíì lọ. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀pọ̀ báńkì fi ń fi dandan lé ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léra fún dílà: ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ kì í lè kúrò nídìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó dáa. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ara wọn tajà.

Nígbà kan, àwọn báńkì ńlá ní Amẹ́ríkà ní yàrá tí wọ́n ti ń fi owó báńkì fúnra rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ọjà, láìsí oníbàárà kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣòro 2008, òfin Dodd-Frank ti 2010 gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi orúkọ Paul Volcker pè, tó ní kí báńkì tí ìjọba ń dáàbò bo owó àwọn èèyàn nínú rẹ̀ jáwọ́ nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. Goldman Sachs ti irú yàrá rẹ̀ kan pa ní 2010. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò kú. Ó pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ara wọn tajà, tí wọ́n ń pè ní pírọ́ọ̀pù fáàmù: Optiver ti 1986 àti IMC ti 1989, méjèèjì ní Amsterdam, Susquehanna ti 1987, ní ẹ̀gbẹ́ Philadelphia, Jane Street ti 2000, ní Niu Yọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n ń sọ iye méjì lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ́púṣọ̀n àti ṣíà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń gba ìyàtọ̀ kékeré láàárín rẹ̀. Owó wọn ni. Bí o bá pàdánù, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ló pàdánù. Kò sí oníbàárà tí o máa tù nínú, kò sí ẹni tí o máa fún ní káàdì ìbánisọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè ṣírò kíákíá, tó sì lè yí ọkàn padà nígbà tí ẹ̀rí bá yí.

Nítorí náà ìdánwò wọn kò jọ ti báńkì rárá. Ti Optiver ni gbogbo ayé mọ̀ jù: ìbéèrè ìṣirò 80 ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò, kò sí bébà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà nìyẹn fún ìbéèrè kan, èyí tí o bá gbà á kùnà sì ń jẹ nínú máàkì rẹ. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù, ẹ gbọ́. 98 lọ́nà 47. Ọmọ tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì rò ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í to 8 lọ́nà 7. Báwo ni bàbá yín àgbà ṣe ń pe 98? Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Orúkọ náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún yín: 100 lọ́nà 47 ni 4,700, ẹ yọ 47 lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 94. Ó kù 4,606. Ọ̀rọ̀ "dín" yìí ni àwọn tó yára jù nínú ìdánwò náà ń lò, àwọn kàn ń rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín máa yí.

Tí ẹ bá yege ìyẹn, eré ló kàn. Wọn kò ní béèrè ohun tí Báńkì Àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lóṣù tó kọjá. Wọ́n á mú dáìsì lúdò jáde. "A máa jù ú. Iye tó bá jáde ni mo máa san fún ẹ. Bí kò bá wù ẹ́, o lè tún un jù lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èló lo máa san kó o tó ṣe é?"

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti jíjù kejì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni, 1 dé 6, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3.5. Nítorí náà, bí jíjù àkọ́kọ́ bá fún yín ní 4, 5 tàbí 6, ẹ gbà á, ó sàn ju 3.5 lọ. Bí ó bá jẹ́ 1, 2 tàbí 3, ẹ tún un jù. Ìdajì ìgbà ẹ máa gba, ìpíndọ́gba 4, 5, 6 sì jẹ́ 5. Ìdajì ìgbà ẹ máa tún jù, ìyẹn 3.5. Ẹ pín wọn sí méjì: 4.25.

Ọ̀pọ̀ ló ń dé ibí yìí, tí wọ́n sì rò pé ó ti parí. Ibí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Ó dáa, fún mi ní iye méjì." Ẹ ní ẹ ń rà ní 4, ẹ ń tà ní 4.50. Ó ní, "Mo rà." Ó dáa, ẹ ta ohun tó tó 4.25 ní 4.50. "Mo tún rà." Ẹni tó jókòó, tó ṣì ń pè é ní 4.50, ti já nínú ìdánwò láìmọ̀. Ó yẹ kó ronú pé: kí ló mọ̀ tí èmi kò mọ̀? Bóyá ó kàn ń dán mi wò, bóyá dáìsì náà ní nǹkan nínú. Ó yẹ kí iye gòkè díẹ̀, kí ó sì sọ iye tó fẹ́ tà mọ. Wọ́n tún lè fi dáìsì mẹ́ta sí abẹ́ ife mẹ́ta. Ìpíndọ́gba àròpọ̀ wọn jẹ́ 10.5, ẹ sì sọ 10 àti 11. Ó rà ní 11. Ó ṣí ife kan: 6 ni. Àwọn méjì tó kù jẹ́ 7 ní ìpíndọ́gba, nítorí náà iye rẹ̀ ti di 13, ẹ sì ti fi 2 jìn ín. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa tí kò lè pe 13. Ó ń pe 11 àti 12, nítorí ó ń dùn ún pé òun ti tà á ní 11. Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn. Susquehanna tiẹ̀ ń fi káàdì póòkà kọ́ àwọn ọmọ tuntun, nítorí ìpinnu tó dára lè pàdánù, èyí tí kò dára sì lè jẹ, káàdì sì ń fi ìyẹn hàn kíákíá.

Ìwé ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Jane Street sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò béèrè ìmọ̀ owó ṣáájú. Ohun tó wúlò ni ìṣirò ìṣeéṣe àti kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, Python fún ọ̀pọ̀. Amẹ́ríkà nìkan ni ìdánwò ti wọlé dáadáa: tí iṣẹ́ rẹ bá wà nílé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ FINRA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn alágbàtà ọjà níbẹ̀, o lè nílò Series 57, ìdánwò àwọn tírédà, ìbéèrè 50 ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, 70 ni wọ́n fi ń yege. SIE, ìdánwò ìpìlẹ̀, ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè ṣe SIE fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Series 57, ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé ọ lọ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń ta ẹ̀kọ́ Series 57 fún ọmọ tó wà ní Bódìjà tí kò ní iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ bi í pé ta ló máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni mo mọ̀ pé ẹ ń dúró dè. Ẹ̀yin kan ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé-iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ta àkáǹtì fún yín ni, wọ́n ń pe àwọn yìí náà ní pírọ́ọ̀pù fáàmù. Ẹ san nǹkan bí 500 dọ́là, wọ́n fún yín ní àkáǹtì tí wọ́n kọ 100,000 sí. Ẹ gbọ́dọ̀ jèrè 10 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó pàdánù 10, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ pàdánù ju 5 lọ lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ìpele kejì, èrè 5. Lẹ́yìn náà ẹ di "tírédà onífúńdù".

Ẹ tún béèrè ìbéèrè wa. Owó ta ni? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àdéhùn tí ẹ tẹ̀ láìkà sọ ọ́ pé àkáǹtì àfiṣeré ni. Ta ló ń jẹ nígbà tí ẹ bá pàdánù? Wọ́n ti gba 500 ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ sì ni 100,000 kọ́ lẹ gbà. 10,000 ni àyè tí ẹ ní kí ilẹ̀kùn tó tì, nítorí náà ẹni tó bá fi "ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún" wewu ti fi ìdá mẹ́wàá gbogbo ohun tó ní wewu.

Ká wá ṣe ìṣirò tí wọn kì í ṣe. Ẹ kó 300 èèyàn tí kò mọ nǹkankan jọ, ẹ ní kí wọ́n máa sọ kọ́bọ̀ sókè, orí rà, ìdí tà. Láàárín +10 àti −10, ìdajì ló máa kọ́kọ́ kan òkè: 150. Ní ìpele kejì, òkè wà ní 5, ìsàlẹ̀ wà ní 10. Òkè sún mọ́ wọn ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa yege: 100. Owó ìyàtọ̀ iye àti òdiwọ̀n ojoojúmọ́ máa dín wọn kù. Síbẹ̀, ẹ máa rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ìwé ẹ̀rí, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tó ṣe. Ilé-iṣẹ́ sì ti gba 150,000 dọ́là. N kò sọ pé kò sí èyí tó ń sanwó. Ó wà, mo mọ ẹni tí wọ́n san án fún. Mo ń sọ pé nígbà tí ọ̀gá dílà bá rí ìwé yẹn, 300 olùsọ-kọ́bọ̀ ló ń rò.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́ níbí yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nínú sífíì mi nìyẹn?" Mo ní, ṣé o kọ gbogbo òwò tí o ṣe sílẹ̀, ìdí tí o fi wọlé, iye tí o wewu, ìgbà tí o jáde? Ó ní òun kọ ọ́, ó tó 400. Mo ní kó fi ìwé ẹ̀rí sílé, kó mú àkọsílẹ̀ yẹn dání. Mo lè fi wákàtí kan bi èèyàn léèrè lórí òwò 400. Kò sí ohun tí mo lè bi í lórí àwòrán sabukéètì.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà, ọmọ ọdún 24 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán. Ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?" Mo ní ọdún méjì ló kù fún un lójú àwọn tó ń kọ 26 sínú ìpolówó, nítorí náà ìdánwò báńkì ni kó ṣe lọ́dún yìí. Tí wọ́n bá gbà á, kó má sinmi bíbéèrè ọ́fíìsì ẹ̀yìn tírẹ́ṣọ̀rì. Láràárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ìṣirò, kó sì máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù ní August, wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù.

Mo wá ní, "Ìwé ìjọba ọlọ́jọ́ 364, wọ́n tà á ní 20..."

N kò tíì parí ẹnu. Ó ní, "Kò pé 25 tán, sà. Ọjọ́ kan ló fi dín."

Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.